Ọ̀sán gbóná, iná kì í dúró lóru: báwo lẹ ṣe ń mú ara ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan móoru?

Ìyá Sọ̀díìkì, Gánmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ra ọmọ adìyẹ bùrọ́ilà 200, Ìbàdàn ni wọ́n ti kó wọn wá, ọjọ́ kẹrin wọn lọ́dọ̀ mi nìyí. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń kú. Ìjẹta 6, àná 9, àárọ̀ yìí 11. Òru ni wọ́n ń kú, igun kan ṣoṣo ni mo sì máa ń bá òkú wọn, wọ́n á ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹ́ wọn á ti rin. Tó bá di ọ̀sán, ooru ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á na ìyẹ́ sílẹ̀, wọn ò ní sún mọ́ oúnjẹ.

Gílóòbù 200 wáàtì méjì ni mo gbé kọ́ sórí wọn, tọ̀sán tòru. Iná sábà máa ń lọ ní nǹkan bí aago 1 òru, ó sì lè má dé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni ilé wọn dé ìdajì, nẹ́ẹ̀tì ló wà lókè, páànù la fi bò ó. Mo ti fi ọ̀rá dí gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Ìbéèrè mi ni pé, ínfátà wo ló lè gbé gílóòbù méjì yìí dé àárọ̀? Ṣé kí n sì fún wọn ní oògùn? Ìgbẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ìdí àwọn kan nínú wọn.

Ọmọ Ìyèrú, Ọ̀fà

Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Òtútù òru ló ń pa wọ́n, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí ínfátà. Ìkòkò èédú ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ tan mẹ́rin, ẹ fi eérú bo èédú náà lórí kó lè pẹ́ kó tó jó tán, kẹ́ ẹ sì dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé pátápátá. Ẹ má ṣí ọ̀rá yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn.

Ìyá Awó, Òmù-Àrán

Èmi náà wà nínú ìṣòro yìí. Ẹyin awó 60 wà nínú ẹ̀rọ ìsàba mi, iná sì ń lọ fún wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ṣé kí n ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà ni àbí kí n pa á dé?

Baba Àjàṣẹ́

Ìyá Awó, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ fi aṣọ nípọn bò ó, àmọ́ ẹ má bo ihò atẹ́gùn rẹ̀. Ti ẹyin yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè rí i.

Ìyá Sọ̀díìkì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ oògùn fún yín, ẹ dá mi lóhùn díẹ̀. Ibo lẹ gbé tẹmómítà kọ́, báwo ló sì ṣe ga sílẹ̀ tó? Igun tí wọ́n ń kú sí yẹn, báwo ló ṣe rí sí ẹnu ọ̀nà àti sí gílóòbù? Ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ilé, ṣé òkè lẹ kàn án mọ́ ni àbí ìsàlẹ̀? Tí iná bá sì lọ, ṣé wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ kankan?

Ìyá Sọ̀díìkì, Gánmọ̀

Ẹ ṣeun, sà. Tẹmómítà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó tó èjìká mi. Ní aago 2 ọ̀sán àná, 38 ló kà. Mi ò wò ó lóru rí. Igun tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ ni wọ́n ń sá sí, kò sì sí gílóòbù níbẹ̀. Òkè la kan ọ̀rá mọ́, tí ooru bá pọ̀ a máa ń ká a sókè láti ìsàlẹ̀. Tí iná bá lọ, òkùnkùn biribiri ni o.

Baba Àjàṣẹ́

Ó ti ń yé mi. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí.

Ọmọ adìyẹ kì í lè mú ara rẹ̀ móoru fúnra rẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó bá yí i ká ni ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé gan-an, ìyẹn bí ìka mẹ́ta sókè ilẹ̀, 32 sí 34°C ló ń fẹ́. Tẹmómítà tó wà ní èjìká yín ń sọ ti èjìká yín ni, nítorí ooru ń gòkè. Ilẹ̀ ibi tí àwọn ọmọ wà lè fi ìwọ̀n mélòó kan tutù ju ohun tẹ́ ẹ ń kà lọ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí, kí orí rẹ̀ wà ní ìpele ẹ̀yìn wọn.

Nínú oṣù kẹta báyìí, ìta Ìlọrin àti Gánmọ̀ ń sún mọ́ 37 ní ọ̀sán, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí 23 tàbí 24 kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ilé kan náà tí kò nílò iná kankan ní aago 2 ọ̀sán ni ooru rẹ̀ á fi ìwọ̀n 10 kéré sí ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní aago 4 ìdájí. Gílóòbù tó ń jó tọ̀sán tòru ń fi ooru kún ooru lọ́sàn-án, ó wá kú lásìkò tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Ọmọ tó ti fi gbogbo ọ̀sán ya ẹnu mí ti pàdánù omi ara rẹ̀, kò sì jẹun tó. Irú rẹ̀ ni òtútù òru máa ń kọ́kọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ máa wo òru nìkan.

Ohun tó ń pa wọ́n gan-an ni pé wọ́n ń tẹ ara wọn pa. Òkú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó rin, tó wà ní igun kan, ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ló pàdé lórí wọn ní aago 1 òru yẹn. Ooru lọ. Òkùnkùn ṣú lójijì, ọmọ adìyẹ tí ìmọ́lẹ̀ bá kú mọ́ lójú á bẹ̀rù, á wá ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti abẹ́ ọ̀rá wọlé, ó ń fẹ́ lu wọn lára, wọ́n wá sá lọ sí igun tó jìnnà sí i jù. Igun náà kò sì ní ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kú.

Ọ̀rá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ tú u lókè, kẹ́ ẹ kàn án mọ́ ìsàlẹ̀, lára búlọ́ọ̀kù, kó jẹ́ pé láti òkè ni yóò máa ṣí wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi okùn fà á. Bó ṣe wà báyìí, nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ká a láti ìsàlẹ̀, orí àwọn ọmọ ni atẹ́gùn ń bọ́ sí, ooru tó kóra jọ lábẹ́ páànù kò sì rí ibi jáde. Tó bá ń ṣí láti òkè, ooru àti èéfín á gba òkè lọ, ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí á sì dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa páálí kalẹ̀ ní roboto yí wọn ká, kí igun má sí mọ́ rárá. Páálí fíríìjì tàbí pákó pẹlẹbẹ á ṣe é, kó ga tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 45. Fún ọmọ 174 tó kù, kí ó fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìdajì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá fi páálí tàbí àpò bò lórí, bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60 sókè ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi ooru sábẹ́ ibẹ̀ lóru. Ìdajì kejì, ẹ fi í sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ ni omi àti oúnjẹ yóò wà. Ọmọ tí òtútù mú á wọ abẹ́ òrùlé, èyí tí ooru mú á jáde. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa yan ibi tó bá wọn lára mu, ẹ ò ní máa sáré sókè sódò nítorí ìwọ̀n kan tàbí méjì.

Atúnnáṣe Táńkẹ̀

Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ínfátà hàn yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Gílóòbù 200 méjì jẹ́ 400 wáàtì. Ká ní iná tètè lọ, láti aago 11 alẹ́ sí 7 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 8. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 3,200 wáàtì-wákàtí. Bátìrì ńlá olómi, 12 fóltì, 200 áńpù-wákàtí, 2,400 ló lè gbé tó bá kún fọ́fọ́, kò sì yẹ kẹ́ ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ẹ ó nílò irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta fún òru kan péré, iná ọ̀sán sì gbọ́dọ̀ wà tó láti fi kún wọn padà. Ẹ fi bátìrì ṣe ìmọ́lẹ̀, ẹ wá ooru níbòmíràn.

Ọmọ Ìyèrú, Ọ̀fà

Wọ́n lè lo gílóòbù funfun tó ń dín iná kù yẹn. Wáàtì 15 ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ ju ti ayé àtijọ́ lọ.

Atúnnáṣe Táńkẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ ló ń fún yín, kò ní ooru tó lè ṣe ọmọ adìyẹ láǹfààní. Ohun tí gílóòbù àtijọ́ fi ń jẹ iná náà ni ooru tẹ́ ẹ ń wá. Wáàtì 15 ò lè tú ooru 200 jáde láéláé. Àmọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ dára fún ohun tí Baba sọ nípa òkùnkùn. Kí iná kékeré tó ń gba agbára sára, irú èyí tó ń tan fúnra rẹ̀ tí iná ìjọba bá lọ, wà lókè wọn. Kò ní gbé ooru wá, àmọ́ ẹ̀rù ò ní bà wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran, Ìlọrin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, mo fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ yín kan nítorí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Ìkòkò èédú mẹ́rin nínú ilé tí wọ́n dí pátápátá lè pa ọmọ adìyẹ, ó sì lè pa ẹni tó wọlé lọ wò wọ́n. Gáàsì tí èédú ń tú jáde, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Èéfín dúdú tẹ́ ẹ rí kọ́ ni mo ń sọ. Èédú tó ti pọ́n rekete, tí kò rú èéfín kankan mọ́, ṣì ń tú u jáde.

Òkú tí gáàsì bá pa yàtọ̀ sí òkú tí wọ́n tẹ̀ pa. Kì í tẹ́, kì í sì í ṣe igun nìkan lẹ ó ti rí i. Wọ́n á kú síbi tí wọ́n sùn sí, pàápàá nítòsí ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá la irú òkú bẹ́ẹ̀, ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Tí orí bá sì ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé bá wọn, ẹ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ilé sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú ilé tí èédú ń jó, ì báà jẹ́ nítorí olè.

Lórí ìdí tó lẹ̀ yẹn, Màmá, òtútù tàbí ooru tó pọ̀ jù lè fà á, torí náà ẹ ṣàtúnṣe ilé kẹ́ ẹ tó wá oògùn. Ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, ẹ má fà á já, ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ṣùgbọ́n tí ìdodo wọn bá rin tó ń rùn, tí ikùn wọn sì wú, ẹ kó òkú tuntun díẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin kí wọ́n là á wò. Ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ooru.

Ọmọ Ìyèrú, Ọ̀fà

Mo gbọ́, dókítà. Àmọ́ èédú la fi tọ́ wọn nílé bàbá mi láti kékeré mi, a kì í sì í rí òkú púpọ̀. Ilé amọ̀ ni, òrùlé rẹ̀ ga, bóyá ìyẹn ló fà á. Mi ò tíì gbà pé eérú burú ṣá. Láìsí eérú, èédú á jó tán kí aago 12 tó lù.

Baba Àjàṣẹ́

Òótọ́ lẹ sọ nípa òrùlé tó ga. Ilé amọ̀ rí ihò lábẹ́ òrùlé tí èéfín ń gbà jáde, ilé páànù tó rẹlẹ̀ tí a fi ọ̀rá dí kò ní irú rẹ̀.

Èmi náà ń lo èédú, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má lò ó. Ohun tí mò ń ṣe ni pé ìta ni mo ti ń dá iná sí i, ó ń tó ìdajì wákàtí kí gbogbo rẹ̀ tó pọ́n. Mi ò ní gbé e wọlé níwọ̀n ìgbà tí èédú dúdú kan bá ṣì wà lórí rẹ̀. Mo máa ń gbé ìkòkò náà ka búlọ́ọ̀kù kí èérún pákó má bàa gbiná, mo sì ń fi nẹ́ẹ̀tì wáyà yí i ká kí wọ́n má bàa fò sínú rẹ̀. Mi kì í fi èédú tutù kún un nínú ilé. Tó bá tó àkókò, mo ń gbé èyí tó fẹ́ jó tán jáde, mo ń gbé òmíràn tó ti pọ́n wọlé. Òkè ọ̀rá sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ tó fífẹ̀ ọwọ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó.

Lórí eérú, èmi kì í fi bò ó. Iná tí kò rí atẹ́gùn tó ló ń tú gáàsì yẹn jáde jù, eérú sì ń dí i lójú. Bí èédú bá ń jó tán kíákíá, ẹ gbé òmíràn tó ti pọ́n wọlé bí mo ṣe sọ.

Àlájì Òkè-Ọ̀yì

As-salaamu alaykum. Mo ti pa èédú tì ní tèmi nítorí ohun tí dókítà sọ yẹn. Kẹ́ẹ̀gì omi gbígbóná ni mò ń lò. Ọmọ tí mò ń tọ́ kì í ju 150 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ni mò ń lò. Ìyá ilé á gbé omi kaná lẹ́yìn ìṣá. Tó bá ti hó, a ń jẹ́ kó silẹ̀ díẹ̀ ká tó rọ ọ́, torí omi híhó ń sọ kẹ́ẹ̀gì di wíwọ́. A ń dé e pinpin, a ń fi àpò ìrẹsì tó mọ́ wé e kí àwọn ọmọ má bàa jóná, a wá ń tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ òrùlé páálí irú èyí tí Baba ṣàlàyé. Mẹ́rin ni mò ń lò, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn ọmọ á sùn tì í. Kò sí èéfín, kò sí pé ilé á jó.

Atúnnáṣe Táńkẹ̀

Àlájì, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì yín lẹ́yìn. Lítà omi 10 tó bá ti 70°C sọ̀ kalẹ̀ sí 40, ooru tó tú sílẹ̀ tó ti gílóòbù 100 wáàtì fún wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Mẹ́rin irú rẹ̀ dà bí ẹni tan gílóòbù méjì ti Ìyá Sọ̀díìkì fún àkókò yẹn.

Ìyá Sọ̀díìkì, Gánmọ̀

Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn. Láti aago 1 títí di 7 ńkọ́?

Àlájì Òkè-Ọ̀yì

Ẹ ó jí, màmá. Ohun tí kò rọrùn níbẹ̀ nìyẹn. Fìláàsì tíì ńlá méjì tí omi gbígbóná kún á dín wàhálà kù: ẹ ó da díẹ̀ nínú omi inú kẹ́ẹ̀gì tó ti tutù nù, kẹ́ ẹ fi ti fìláàsì dí i. Èmi ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní bí aago 4, tí mo bá jí fún àsálàátù. Nínú ọyẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Fún ọmọ tó ju 200 lọ, mi ò rò pé kẹ́ẹ̀gì nìkan á tó, Baba ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ìyá Sọ̀díìkì, Gánmọ̀

Ẹ kú àdúrótì. Mo ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Káfíntà yí ọ̀rá dà lánàá, a fi páálí fíríìjì méjì ṣe roboto. Mo tan gílóòbù láti aago 7 alẹ́. Iná lọ ní aago 1 kọjá díẹ̀, Sọ̀díìkì àti èmi gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn tan fúnra rẹ̀. Ní aago 2, tẹmómítà abẹ́ òrùlé ka 33, ìhà gbayawu ka 27. Ní aago 5, abẹ́ òrùlé ti di 29, wọ́n ti ń ké, wọ́n sì ti ń fún mọ́ ara wọn. Mo da omi fìláàsì sí i, wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí.

Òkú 2 ni mo bá láàárọ̀, méjèèjì wà lára àwọn tí ìdí wọn ti lẹ̀. Kò sí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọ̀sán ló wá kù. Mo pa gílóòbù, mo ká òrùlé páálí kúrò, mo ṣí òkè ọ̀rá, síbẹ̀ 37 ni tẹmómítà ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní aago 2, wọ́n ṣì ń ya ẹnu.

Baba Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Aago 5 yẹn ni kẹ́ ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ da omi fìláàsì sí i ní aago 3 àbọ̀ kí ó má tíì bọ́ sísàlẹ̀ 31. Igbe yẹn ni kẹ́ ẹ máa fetí sí. Tí ara bá dẹ̀ wọ́n, ohùn wọn máa ń rọlẹ̀, wọ́n á tú ká káàkiri. Tí òtútù bá mú wọn, igbe gíga tí kò dáwọ́ dúró ni. Tẹ́ ẹ bá sì gbé ọ̀kan, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Kí ẹsẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá tutù sí yín lára, òtútù ti wọ inú rẹ̀, ohun yòówù kí tẹmómítà máa kà.

Ní ti ọ̀sán, ó ṣòro láti mú inú ilé tutù ju ìta lọ tó bá jẹ́ pé ìta náà ti di 37. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ dín èyí tí páànù ń fi kún un kù. Ẹ bo orí páànù náà ní koríko gbígbẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ, kó nípọn, kẹ́ ẹ fi igi tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ẹ fẹ páálí roboto sẹ́yìn lọ́sàn-án kí wọ́n lè jìnnà síra. Ẹ gbé omi mímu sí ibi tí òòrùn kò dé, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní agogo 11 àti agogo 2, torí ọmọ adìyẹ kì í fẹ́ mu omi tó ti gbóná. Kí ife omi tó mẹ́rin fún iye tẹ́ ẹ ní yẹn. Tó bá di àṣálẹ́, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn bíi mẹ́wàá nínú wọn. Kí ó kún, kí ó sì rọ̀. Tó bá le gan-an, wọ́n jẹun láìmu omi tó. Tó bá ṣófo, ooru ò jẹ́ kí wọ́n dé ibi oúnjẹ.

Ọmọ Ìyèrú, Ọ̀fà

Tí wọ́n bá so àpò tó rin mọ́ nẹ́ẹ̀tì níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ńkọ́?

Baba Àjàṣẹ́

Ó ń ṣiṣẹ́ ní oṣù yìí nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ. Kí omi má sáà kán sórí èérún pákó. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, àpò rírin kò ní mú nǹkan tutù mọ́, á kàn jẹ́ kí ilẹ̀ wọn máa rin ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran, Ìlọrin

Màmá, tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dín ìwọ̀n 2 tàbí 3 kù, ìyẹn bíi 30 sí 31 lábẹ́ òrùlé. Kẹ́ ẹ tún dín in kù bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kẹta, láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta, òru nìkan ni ẹ ó máa wá ooru fún, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Ìrísí wọn ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, kí ọjọ́ orí má jẹ́ òfin.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìgbàjà

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Oṣù kejìlá ni èmi fẹ́ gbé ọmọ 500 wọlé. Kẹ́ẹ̀gì kò ní tó fún wọn gẹ́gẹ́ bí Àlájì ṣe wí, ẹ̀rù èédú sì ti ń bà mí báyìí. Ṣé gáàsì ìdáná dára jù?

Àlájì Òkè-Ọ̀yì

Gáàsì dára, màmá, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì ń fẹ́ kí òkè ilé ṣí sílẹ̀ bíi ti èédú. Òru ọyẹ́ lápá Ìgbàjà lè sọ̀ kalẹ̀ sí 18. Ẹ lè pín 500 sí roboto mẹ́ta, kí wàhálà kan má bàa kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Baba Àjàṣẹ́

Mo fara mọ́ pípín yẹn. Ti gáàsì, mi ò tíì rí ẹni tó lò ó fún 500 nínú ọyẹ́ tó sì sọ iye sílíńdà tó lọ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá ti ṣe é ní agbègbè wa, Ọ̀fà, Ọ̀rọ̀ tàbí Òmù-Àrán, kó bá wa kọ ọ́ síbí: ìwọ̀n sílíńdà, iye òru tó lò, àti bí ilé rẹ̀ ṣe ga tó.

Ìyá Sọ̀díìkì, Gánmọ̀

Ẹ gbọ́ tàárọ̀ yìí o: òkú 1. Tẹmómítà kò bọ́ sísàlẹ̀ 31 lóru. Koríko ti wà lórí páànù, ọ̀sán àná ka 35, wọ́n sì ń jẹun ní aago 2.